Ẹlẹ́rìí Mélòó Ló Tó Láti Dá Nọ́ńbà Kan Láre?

Nọ́ńbà 91 máa ń tan ènìyàn jẹ. Kò ṣeé pín sí méjì, kò ṣeé pín sí mẹ́ta tàbí márùn-ún láìṣẹ́kù, ìrísí rẹ̀ sì jọ ti 89 àti 97 tí wọ́n jẹ́ práìmù ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n 7 lọ́nà 13 ni 91. Práìmù ni nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tí kò sí ohun tó lè pín in láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Èyí tí kì í ṣe práìmù, tí a lè tú sí nọ́ńbà méjì tó kéré sí i bí a ti tú 91 sí 7 àti 13, ni orí yìí yóò máa pè ní aṣeépín.

Nígbà tí nọ́ńbà bá kéré, kò sí ìṣòro. A ó kàn máa fi 2, 3, 5, 7 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ pín in títí a ó fi dé ibi tí nọ́ńbà tí a fi ń pín, tí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, ti ju èyí tí à ń yẹ̀ wò lọ. Fún 91, a kò ní kọjá 9. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí nọ́ńbà bá gùn. Kọ́kọ́rọ́ RSA oníbíìtì 2,048, irú èyí tí à ń fi ti ọ̀rọ̀ mọ́ inú kọ̀ǹpútà, nílò práìmù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gùn tó àmì òǹkà 309. Ẹni tó bá fẹ́ máa pín irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan yóò ka nọ́ńbà dé àwọn tó gùn tó àmì òǹkà 155. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè ka ìyẹn tán láyé yìí.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí a dẹ́kun wíwá ohun tó pín nọ́ńbà náà, kí a máa wo ìwà rẹ̀. Práìmù ní àwọn ìwà kan tí kì í yẹ̀. Bí nọ́ńbà kan bá hu ìwà tí práìmù kì í hù, aṣeépín ni, kódà bí a kò bá mọ ohun tó pín in.

Ìwà àkọ́kọ́ tí a mọ̀ wá láti ọwọ́ Pierre de Fermat, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tó kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan ní 1640. Mú práìmù kan, kí a pè é ní p, kí o sì mú nọ́ńbà a tó kéré sí i. Sọ a di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ títí ó fi pé p-1, èyí tí à ń kọ báyìí: a^(p-1). Tí o bá fi p pín èsì náà, 1 ni yóò ṣẹ́ kù, nígbà gbogbo. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ yẹ nọ́ńbà n kan wò, a ó yan a, a ó wo ohun tó ṣẹ́ kù nígbà tí a bá fi n pín a^(n-1). Bí kò bá jẹ́ 1, ọ̀rọ̀ ti parí: aṣeépín ni n. Irú a bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní ẹlẹ́rìí, nítorí pé ó dúró níwájú, ó sì jẹ́rìí pé n kì í ṣe práìmù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni òdìkejì rẹ̀. Bí ìyókù bá jẹ́ 1, a kò tíì mọ nǹkan kan dájú. 341 jẹ́ 11 lọ́nà 31, síbẹ̀ tí a bá fi 341 pín 2^340, 1 ló ń ṣẹ́ kù. Lórí 341, ẹlẹ́rìí èké ni 2. A lè ní kí a yáa bi nọ́ńbà mìíràn, 3 sì ń tú àṣírí 341 lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn aṣeépín kan wà tó ti bá gbogbo ìlú mulẹ̀. 561, tó jẹ́ 3 lọ́nà 11 lọ́nà 17, ni ó kéré jù nínú wọn. Gbogbo nọ́ńbà tí kò bá ní 3, 11 tàbí 17 nínú ló ń jẹ́rìí èké fún un lábẹ́ ìdánwò Fermat, 320 sì ni wọ́n láti 1 dé 560. A ń fi orúkọ Robert Carmichael, ará Amẹ́ríkà tó kọ̀wé lórí wọn ní 1910, pe irú àwọn nọ́ńbà yìí. Ní 1994, Alford, Granville àti Pomerance fi ẹ̀rí hàn pé wọn kò lópin. Nítorí náà, bí ó ti wù kí a tún ìdánwò Fermat ṣe tó, àwọn kan yóò ṣì máa yọ́ kọjá.

Ohun tó tún un ṣe kéré gan-an. Gary Miller ló gbé e jáde nínú iṣẹ́ kan tó tẹ̀ ní 1976. Ní 1980, Michael Rabin sọ ọ́ di ìdánwò tí a ń fi kèké yan ẹlẹ́rìí fún, ó sì fi ẹ̀rí ìṣirò ṣe òdiwọ̀n àṣìṣe rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń pè é ní ìdánwò Miller àti Rabin. Orí ìbéèrè kan ló dúró lé: nọ́ńbà wo ni a lè sọ di ìlọ́po ara rẹ̀, tí ìyókù yóò sì jẹ́ 1? Lábẹ́ práìmù p, méjì péré ló wà, 1 àti p-1. Ìdí rẹ̀ ni pé bí p bá pín x^2-1, ohun tó pín ni (x-1)(x+1), práìmù kì í sì í pín ara rẹ̀ sọ́nà méjì. Ó gbọ́dọ̀ wọ inú ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì pátápátá. Aṣeépín lè pín ara rẹ̀. Wo 91: 27 lọ́nà 27 jẹ́ 729, èyí tó fi 1 péré ju 728 lọ, 728 sì jẹ́ 8 lọ́nà 91. 27 kì í ṣe 1, kì í sì í ṣe 90. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé 13 inú 91 lọ sínú 26, 7 inú rẹ̀ sì lọ sínú 28. Práìmù kò lè ṣe irú ìyẹn láéláé.

Bí a ṣe ń ṣe ìdánwò náà rèé. A ó mú n tí kò ṣeé pín sí méjì. A ó yọ 1 kúrò lára rẹ̀, a ó sì máa pín èyí tó kù sí méjì-méjì títí kò fi ní ṣeé pín sí méjì mọ́. Ibi tó dúró sí ni à ń pè ní d, iye ìgbà tí a pín in ni s. Lẹ́yìn èyí, a ó yan ẹlẹ́rìí a, a ó sì wo ìyókù a^d. Bí ó bá jẹ́ 1 tàbí n-1, a kò rí ẹ̀sùn kankan. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, a ó sọ ìyókù náà di ìlọ́po ara rẹ̀, a ó tún wo ìyókù, a ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ títí dé ìgbà s-1. Bí n-1 bá yọjú níbikíbi, kò sí ẹ̀sùn. Bí a bá dé ìparí tí kò yọjú, n ti jẹ̀bi, kò sì sí ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn: aṣeépín ni.

Ẹ jẹ́ kí 561 wá sílé ẹjọ́ yìí. 560 pín sí 280, 140, 70 àti 35, nítorí náà d jẹ́ 35, s sì jẹ́ 4. Ìyókù 2^35 jẹ́ 263. Ìlọ́po ara 263 fún wa ní 166. Ti 166 fún wa ní 67. Ti 67 fún wa ní 1. 560 kò yọjú. A dé 1 láti orí 67, ọ̀nà tí práìmù kì í gbà. Kódà 67 yìí tú ohun tó wà nínú 561 síta: 66 àti 561 jọ ní 33, 68 àti 561 jọ ní 17, 33 lọ́nà 17 sì jẹ́ 561. Nínú ọ̀kẹ́ àìmọye nọ́ńbà ńláńlá, àwọn ẹlẹ́rìí kì í tú àṣírí tó báyìí. Wọn kàn ń sọ pé kì í ṣe práìmù ni, wọn kì í sọ ohun tó pín in. Nínú 320 tó ń jẹ́rìí èké fún 561 lábẹ́ ìdánwò Fermat, 10 péré ló ṣẹ́ kù lábẹ́ ìdánwò yìí.

91 yẹ kí a fọwọ́ ṣe. 90 pín sí méjì lẹ́ẹ̀kan péré, ó di 45, nítorí náà d jẹ́ 45, s jẹ́ 1. A kò nílò láti sọ 2 di púpọ̀ nígbà 45. A ó máa sọ ìyókù kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀. 2^2 jẹ́ 4. 2^4 jẹ́ 16. Ìlọ́po ara 16 jẹ́ 256, ó ṣẹ́ ku 74, èyí ni 2^8. Ìlọ́po ara 74 jẹ́ 5,476, ó ṣẹ́ ku 16, èyí ni 2^16. 2^32 tún padà sí 74. Níwọ̀n ìgbà tí 45 ti jẹ́ 32 àti 8 àti 4 àti 1, a ó mú 74, 74, 16 àti 2, a ó sọ wọ́n di púpọ̀ mọ́ ara wọn, a ó máa fi 91 pín bí a ti ń lọ: 74 lọ́nà 74 ṣẹ́ ku 16, 16 lọ́nà 16 ṣẹ́ ku 74, 74 lọ́nà 2 jẹ́ 148, ó ṣẹ́ ku 57. Kì í ṣe 1, kì í ṣe 90. 91 jẹ̀bi. Ẹni tó bá ní Python lórí kọ̀ǹpútà lè tẹ èyí kó rí 57 náà:

```python
pow(2, 45, 91)
```

Ká ní 10 ni kèké mú dípò 2 ńkọ́? 10^2 ṣẹ́ ku 9, 10^4 ṣẹ́ ku 81, 10^8 ṣẹ́ ku 9, 10^16 ṣẹ́ ku 81, 10^32 ṣẹ́ ku 9. Ìyókù 10^45 wá láti inú 9, 9, 81 àti 10: 9 lọ́nà 9 jẹ́ 81, 81 lọ́nà 81 ṣẹ́ ku 9, 9 lọ́nà 10 jẹ́ 90. 90 yìí ni n-1. 10 kò rí ẹ̀sùn kankan lọ́rùn 91, ó sì fẹ́ dá a láre. Ẹlẹ́rìí èké ni.

Láti 2 dé 89, nọ́ńbà 88 ni a lè yàn fún 91. (A yọ 1 àti 90 sílẹ̀ nítorí pé wọ́n máa ń dá gbogbo nọ́ńbà láre, wọn kò wúlò fún nǹkan kan.) Nínú 88 yìí, ẹlẹ́rìí èké jẹ́ 16, èyí tó jẹ́ ìdá 2 nínú 11. Bí a bá ṣẹ́ kèké lẹ́ẹ̀kan, ìṣeéṣe pé 91 yóò yọ́ kọjá jẹ́ nǹkan bí 18 nínú 100. Bí a bá tún ṣẹ́ kèké mìíràn, tí èyí àkọ́kọ́ kò sì ní ọwọ́ nínú rẹ̀, èké gbọ́dọ̀ bọ́ sí i nígbà méjèèjì kí 91 tó lè là. Ìdá 2 nínú 11 lọ́nà ìdá 2 nínú 11 jẹ́ 4 nínú 121, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú 30. Nígbà tí a bá ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó di 32 nínú 161,051, ìyẹn nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú 5,000. Iṣẹ́ ń pọ̀ sí i ní ìrọ̀rùn, ìdánwò kan lórí òmíràn. Àṣìṣe ní tirẹ̀ ń di ìdá kékeré inú ìdá kékeré.

Ohun tí Rabin fi hàn, tí Louis Monier náà fi hàn ní 1980 kan náà, ni pé kò sí aṣeépín tí kò ṣeé pín sí méjì tó lè ní ẹlẹ́rìí èké tó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Kò sí irú 561 ti ìdánwò Fermat níbí, tó bá gbogbo ìlú mulẹ̀. Bí a bá ṣe ìdánwò náà nígbà k, ìṣeéṣe pé aṣeépín yóò kọjá kò lè ju ìdá kan nínú 4^k lọ. Lẹ́yìn márùn-ún, kò ju ẹ̀ẹ̀kan nínú 1,024 lọ. Lẹ́yìn mẹ́wàá, kò ju ẹ̀ẹ̀kan nínú 1,048,576 lọ. Lẹ́yìn ogún, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ti ju mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù lọ.

Ìdá kan nínú mẹ́rin yẹn kò ní kí gbogbo ìdánwò tí a bá sáà ti tò tẹ̀lé ara wọn máa so irú èso bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wá láti inú kèké tirẹ̀. Ẹni tó bá ti fi 10 yẹ 91 wò, tó wá tún fi 9 àti 81 yẹ̀ ẹ́ wò, kò tíì pe ẹlẹ́rìí mẹ́ta, ẹnì kan ṣoṣo ló pè tó pààrọ̀ aṣọ. 9 ni ìyókù 10^2, 81 ni ìyókù 10^4, bí nọ́ńbà kan bá sì ti jẹ́rìí èké, gbogbo ohun tó bá jáde láti inú sísọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ yóò jẹ́rìí èké pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí lílo 2, 4, 8 àti 16 tẹ̀léra fi jẹ́ àṣedànù: bí 2 bá ti kọjá, àwọn mẹ́ta yòókù kò lè ṣàì kọjá.

Àṣìyé kan tún wà tó wọ́pọ̀, kódà láàárín àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Wọ́n á ní, "nọ́ńbà yìí kọjá ìdánwò márùn-ún, nítorí náà ìṣeéṣe pé kì í ṣe práìmù jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú 1,024." Ohun tí òfin náà sọ kọ́ nìyẹn. Ohun tó sọ ni pé bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ aṣeépín, kèké kò lè fi í sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ìgbà 1,024. Kò sọ bí aṣeépín ti pọ̀ tó lójú ọ̀nà. Láàárín àwọn nọ́ńbà oníbíìtì 1,024 tí kò ṣeé pín sí méjì, práìmù jẹ́ nǹkan bí ọ̀kan nínú 355. Fún práìmù kan tó bá wọlé, aṣeépín 354 ti kan ìlẹ̀kùn. Bí ìdá kan nínú mẹ́rin wọn bá lè yọ́ wọlé lẹ́yìn ìdánwò kan, 88 ayédèrú ni yóò wà nínú ilé pẹ̀lú ojúlówó kan. Lẹ́yìn mẹ́wàá, ó di nǹkan bí ayédèrú kan sí ojúlówó 3,000. Lẹ́yìn ogún, ó di ọ̀kan sí bílíọ̀nù mẹ́ta.

Síbẹ̀, ìṣirò 88 yìí burú ju bí ọ̀rọ̀ ti rí lọ. Ìdá kan nínú mẹ́rin jẹ́ ti aṣeépín tó gbọ́n jù. Ọ̀pọ̀ aṣeépín kò ní ẹlẹ́rìí èké tó bẹ́ẹ̀ rárá. 91 fúnra rẹ̀ kì í ṣe nọ́ńbà lásán. 13 jẹ́ 7 lọ́nà méjì dín ọ̀kan, irú ìbátan bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn práìmù tó bí nọ́ńbà sì ni ó ń mú kí ẹlẹ́rìí èké pọ̀. Bí a bá fi kèké mú nọ́ńbà ńlá kan, irú ìbátan yìí ṣọ̀wọ́n. Ní 1993, Damgård, Landrock àti Pomerance ṣe ìṣirò ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí nọ́ńbà tí à ń yẹ̀ wò fúnra rẹ̀ bá wá láti inú kèké. Fún nọ́ńbà oníbíìtì b, wọ́n fi hàn pé lẹ́yìn ìdánwò kan ṣoṣo, ìṣeéṣe pé aṣeépín ni èyí tó kọjá kéré sí b^2 lọ́nà 4^(2-√b). Kí a fi 1,024 sí ipò b: √1024 jẹ́ 32, 1024^2 jẹ́ 2^20, 4^(-30) jẹ́ 2^(-60). Èsì rẹ̀ jẹ́ 2^(-40), ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan nínú ohun tó ju mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù lọ. Ìdánwò kan péré! Èyí gan-an sì ni ìdáhùn sí ìbéèrè tí àwọn tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ ń bèèrè, nítorí pé ó ti ka àwọn 354 tó kan ìlẹ̀kùn mọ́ ọn.

Òdiwọ̀n méjèèjì, ti 4^k àti ti 1993, tọ̀nà, ipò tí a wà ló ń sọ èyí tí a ó lò. Bí ẹni tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ bá fúnra rẹ̀ ṣẹ́ kèké mú nọ́ńbà, ìdánwò díẹ̀ tó. Bí ó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló fi nọ́ńbà ránṣẹ́, ìṣirò 1993 kò ní àṣẹ níbẹ̀ mọ́, nítorí pé ẹni náà lè ti mọ̀ọ́mọ̀ gbẹ́ ayédèrú bí 91. Nígbà náà, 4^k nìkan ni a lè gbára lé: ìdánwò 64 yóò mú àṣìṣe wá sí ẹ̀ẹ̀kan nínú 2^128 bí ó ti wù kí elétàn náà gbọ́n tó, níwọ̀n ìgbà tí kò bá lè mọ ibi tí kèké yóò mú.

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni ibi tí ètò kọ̀ǹpútà púpọ̀ ti kùnà. Láti yára, àwọn kan máa ń kọ ẹlẹ́rìí sílẹ̀ tẹ́lẹ̀: 2, 3, 5, 7, 11 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n máa lo àwọn yẹn nígbà gbogbo. Fún nọ́ńbà kéékèèké, kò sí ewu. A ti yẹ̀ ẹ́ wò pé práìmù méjìlá àkọ́kọ́, láti 2 dé 37, kò ṣi nọ́ńbà kankan tó kéré sí 2^64 dá, nítorí náà èsì níbẹ̀ dájú láìsí ìṣeéṣe kankan. Fún nọ́ńbà tó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó bá mọ orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí lè lọ fi àbẹ̀tẹ́lẹ̀ bá wọn nílé. Ní 1995, François Arnault tẹ aṣeépín kan jáde tó gùn tó àmì òǹkà 397, tí gbogbo práìmù tó kéré sí 307 ń jẹ́rìí èké fún. Ní 2018, Albrecht, Massimo, Paterson àti Somorovsky yẹ àwọn àkójọ ètò ìṣirò tó gbajúmọ̀ wò, wọ́n sì rí lára wọn tó gba ayédèrú tí wọ́n gbẹ́ wọlé bíi práìmù.

Ọ̀nà kan wà tí a lè fi mọ̀ bóyá ètò kan ń yan ẹlẹ́rìí rẹ̀ bó ti yẹ. 2,047, tó jẹ́ 23 lọ́nà 89, ni aṣeépín tó kéré jù tí 2 ń dá láre: 2^11 jẹ́ 2,048, ó ṣẹ́ ku 1, d rẹ̀ tó jẹ́ 1,023 sì jẹ́ 11 lọ́nà 93. Ètò tó bá ń pè é ní práìmù nígbà gbogbo, 2 nìkan ló ń bi léèrè. 3 ì bá ti mú un. Fún èyí tó ń lo 2 àti 3, 1,373,653 ni a ó gbé síwájú rẹ̀; fún èyí tó fi 5 kún un, 25,326,001. Bí ètò náà bá ń ṣẹ́ kèké ní tòótọ́, èsì ìdánwò kan ṣoṣo lórí 91, tí a bá ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà, yóò máa yí padà, àṣìṣe rẹ̀ yóò sì súnmọ́ 2 nínú 11. Bí èsì náà bá dúró sójú kan nígbà gbogbo, a ti kọ orúkọ ẹlẹ́rìí rẹ̀ sílẹ̀ níbì kan.

Láti 2002 ni Agrawal, Kayal àti Saxena, ní ìlú Kanpur lórílẹ̀-èdè Íńdíà, ti fi hàn pé a lè dá práìmù mọ̀ dájú, láìsí kèké, láàárín àkókò tí kì í gùn kọjá ààlà bí nọ́ńbà ti ń gùn sí i. Èsì ńlá ni. Àmọ́ fún nọ́ńbà oní-àmì-òǹkà 309, ó lọ́ra ju ìdánwò Miller àti Rabin lọ lọ́nà tó jìnnà gan-an, nítorí náà àwọn ètò tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ ṣì ń ṣẹ́ kèké.